Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú olùdókòwò: bí ẹni tó ń ṣe oje èso l'Ékìtì ṣe lè sọ ibi tí ọjà rẹ̀ ń lọ

Ìbéèrè kan náà ló ń wá lemọ́lemọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fún oje èso tà l'Adó, ní Ìkéré àti ní Ọ̀yẹ́: "Wọ́n ní kí n wá bá àwọn olùdókòwò sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún mi, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tí mò ń gbé orúkọ ọjà mi lọ. Kí ni kí n sọ?" Àwọ̀ ìgò, àwòrán ara lébẹ́ẹ̀lì àti ìtàn bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ. Olówó kò béèrè ìyẹn. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni ẹni tí ẹ fẹ́ máa tà fún, ìlérí tí ẹ ṣe fún un, ohun tí ẹ máa pa tì kí ìlérí náà lè ṣẹ, àti iye tí yóò kù sọ́wọ́.

Bí ẹ ṣe máa to ọ̀rọ̀ yẹn nìyí. Mo fi àpẹẹrẹ kan ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Owó inú rẹ̀, mo kàn gbé e kalẹ̀ fún ìṣirò ni. Ẹ fi ti yín rọ́pò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan ọ̀nà kan kí ẹ tó mú bírò

Nínú òwò oje èso, iye ọjọ́ tí ìgò lè lò kó tó bàjẹ́ ló ń pinnu gbogbo nǹkan yòókù. Ọ̀nà méjì ló wà.

Àkọ́kọ́ ni oje tútù tí iná kò kàn. Ó máa ń dùn bí èso gan-an, ó sì lè gba owó tó ga. Ṣùgbọ́n bí fíríìjì bá tutù dáadáa, tó wà ní nǹkan bí 4°C, ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ fọkàn sí. Bí òtútù bá já lágbedeméjì, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Oje yìí kò lè rìn jìnnà. Adó, Ìyìn, Ìkéré, bóyá Ifàkì, ibẹ̀ náà ni.

Èkejì ni oje tí wọ́n gbé kaná láti pa kòkòrò inú rẹ̀, tí wọ́n rọ sínú ìgò ní gbígbóná, tí wọ́n sì dé pa. Ìyẹn lè lo oṣù mélòó kan lórí pẹpẹ láìsí fíríìjì, ó sì lè dé Àkúrẹ́ tàbí Èkó. Àmọ́ adùn rẹ̀ á yí padà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó pàápàá á máa dùn bí ohun tí wọ́n sè. Ibẹ̀ náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ń ta oje inú páálí, owó wọn sì pọ̀ ju tiyín lọ.

Èmi ò sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ náírà ṣe méjèèjì pọ̀ kò tíì yan nǹkan kan, olùdókòwò á sì mọ̀ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kà.

Nínú àpẹẹrẹ wa, arábìnrin kan ń fún oje l'Adó. Oríṣi márùn-ún ló ń ṣe tẹ́lẹ̀: ọ̀pẹ̀ òyìnbó pẹ̀lú atalẹ̀, ọsàn, bàrà, máńgòrò àti sóbò. Ogún ṣọ́ọ̀bù ló ń kó o fún. Ó wá yan oje tútù, ó sì kọ gbólóhùn rẹ̀ báyìí: "Oje ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti atalẹ̀, a ò fi ṣúgà sí i, kò sí omi, ọjọ́ tí a fún un wà lórí ìdérí."

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣe ìṣirò ìgò kan, kí ẹ ka èyí tó ń padà

Ẹ má ṣe fo ibí yìí. L'Ékìtì, ẹni tó jókòó níwájú yín lè jẹ́ olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, kò sì ní nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ pé iye yín kò dọ́gba.

Ìgò rẹ̀ gba 350 mílílítà. Ó ń tà á fún ṣọ́ọ̀bù ní ₦900, ṣọ́ọ̀bù ń tà á ní ₦1,200. Ohun tí ìgò kan ń ná an nìyí:

- Èso: ₦260 (nínú kílò méjì ọ̀pẹ̀ òyìnbó, nǹkan bí líta oje kan ló ń jáde)
- Ìgò, ìdérí àti lébẹ́ẹ̀lì: ₦170
- Yìnyín, iná àti epo jẹnẹrétọ̀: ₦120
- Owó àwọn tó ń bó èso tí wọ́n sì ń fún un: ₦80
- Owó ọkọ̀: ₦70

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦700. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró níbẹ̀, wọ́n á ní èrè ₦200 ló wà lórí ìgò. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí wọn ò ka ìgò tó padà wá. Ìgò tó bá wú, tó ń hó nígbà tí wọ́n ṣí i, tó sì ń rùn bí ọtí, kíkan ló ti ń kan yẹn. Owó rẹ̀ ti wọgbó.

Ká ní nínú ọgọ́rùn-ún ìgò, 12 ń padà. Ìgò 88 ló tà, ìyẹn ₦79,200. Ó ti ná ₦70,000. Ohun tó kù jẹ́ ₦9,200, ₦92 lórí ìgò kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó ń padà bá wá jẹ́ mẹ́rin péré, á ta 96, ìyẹn ₦86,400. Ohun tó kù di ₦16,400, ₦164 lórí ìgò. Kò fi kọ́bọ̀ kan kún iye tó ń tà á o.

Arábìnrin yìí wo ìwé rẹ̀, ó rí i pé àwọn ṣọ́ọ̀bù tó máa ń pa fíríìjì lálẹ́ ni púpọ̀ nínú àwọn ìgò tó bàjẹ́ ti ń wá. Ó dá mẹ́sàn-án nínú wọn dúró, ó fi oríṣi mẹ́rin sílẹ̀, ó sì fi oṣù méjì gbé e wò. Tẹ́lẹ̀, ó ń ṣe ìgò 3,000 lóṣù, ₦276,000 ló sì ń kù. Ní báyìí, ó ń ṣe 2,500, ₦410,000 ló ń kù. Ìgò dín, owó pọ̀. Bí ọ̀nà tí ẹ yàn kò bá hàn nínú owó lọ́nà kan tó jọ èyí, ẹ má tíì lọ bá olùdókòwò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà ní apá márùn-ún

1. Ìkíni àti ohun tí ẹ ń tà: gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta.
2. Ẹni tó ń rà á: ẹ ṣàpèjúwe èèyàn kan ṣoṣo.
3. Ohun tí ẹ pa tì, àti ohun tó yí padà lẹ́yìn rẹ̀.
4. Ibi tí ọjà ń lọ láàárín ọdún kan.
5. Owó tí ẹ ń béèrè, ohun tí ẹ máa fi ṣe, àti bí yóò ṣe padà.

Apá kẹta ni kí ẹ fún ní àkókò jù. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà.

Ní ti ìkíni: ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ kí aago tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nígbà tí ẹ wọlé. Bí wọ́n bá ti pè yín síwájú, "ẹ kú ìkàlẹ̀" kan ti tó. Mo ti rí ẹni tó fi ìdajì àkókò rẹ̀ kí kábíyèsí, àwọn ìjòyè, alága àti ìyàwó alága. Nígbà tó máa dé orí owó, wọ́n ti ń lu agogo.

Ọ̀rọ̀ arábìnrin wa nìyí:

> Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà. Oje ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti atalẹ̀ ni mò ń tà l'Adó. A ò fi ṣúgà sí i, kò sí omi nínú rẹ̀, ọjọ́ tí a fún un wà lórí ìdérí.
>
> Ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ mi ni òṣìṣẹ́ tó jáde lọ jẹun ọ̀sán, tó fẹ́ nǹkan tútù mu, àmọ́ tí mínírà ti sú. Ó lè san ₦1,200 lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi ọlọ́jà ni pé, "Ìgbà wo ni wọ́n fún eléyìí?" Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ fi wà lórí ìdérí, níbi tí ojú ti máa ń kọ́kọ́ dé.
>
> Títí di oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, oríṣi oje márùn-ún ni mò ń ṣe, ogún ṣọ́ọ̀bù ni mo sì ń kó o fún. Ìgò 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bàjẹ́. Mo fi oríṣi mẹ́rin sílẹ̀. Mo dá ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án tí fíríìjì wọn kì í tutù dúró. Láti oṣù méjì báyìí, mẹ́rin ló ń bàjẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgò tí mò ń ṣe lóṣù ti wálẹ̀ láti 3,000 sí 2,500, ṣùgbọ́n owó tó ń kù lóṣù lórí gbogbo ìgò ti gòkè láti ₦276,000 sí ₦410,000. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi níbí.
>
> Ibi tí mò ń lọ nìyí. Láàárín ọdún kan, mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá rí fíríìjì wa l'Adó, ní Ìyìn tàbí ní Ìkéré mọ̀ pé oje inú rẹ̀ kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Mi ò ní lọ sí Èkó. Mi ò ní fi oríṣi míì kún un títí ìgò tó ń lọ lóṣù á fi tó 4,000.
>
> ₦2,500,000 ni mò ń béèrè. ₦1,800,000 yóò ra fíríìjì mẹ́fà tí a ó gbé sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà tuntun, ₦300,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦700,000 tó kù yóò ra ìgò àti lébẹ́ẹ̀lì lápapọ̀. Lóṣooṣù, ẹ ó máa gba 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó kù lórí ìgò, kí n tó san owó ilé àti owó oṣù tèmi, títí yóò fi pé ₦3,750,000. Bí a bá dé 4,000 ìgò, oṣù 20 ni. Bí a kò bá kúrò lórí 2,500, oṣù 31 ni. Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìdérí kí ẹ tó ṣí i.

Ẹ ka tiyín sókè, kí ẹ fi aago fóònù wọ̀n ọ́n. Bó bá ti ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, ẹ gé e. Ìṣẹ́jú tó kù, ìgò ló ni ín.

Ẹ wo gbólóhùn "kí n tó san owó ilé àti owó oṣù tèmi" dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín olùdókòwò àti olówò kékeré, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ń ka èrè kí wọ́n tó san owó ilé, ẹnì kejì ń kà á lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì jọ ń pe méjèèjì ní èrè. Ẹ sọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn níwájú gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣètò ìgò tí wọ́n máa tọ́ wò

- Oje àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni kí ẹ gbé lọ, kí ọjọ́ orí ìdérí sì bá a mu. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ọjọ́ tó wá gbé ìgò àná kalẹ̀ ti tako ara rẹ̀.
- Ẹ kó o sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín tó bò ó mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn. Ẹ má gbọ́kàn lé fíríìjì gbọ̀ngàn tí ẹ ń lọ.
- Ìgò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú mẹ́ta lé. Ẹ má rọ ọ́ sínú ife, torí ìgò náà ni ọjà yín.
- Ẹ pín in lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá pín in ṣáájú, wọ́n á máa ṣí ìdérí nígbà tí ẹ bá ń pe iye owó.
- Oje tútù máa ń silẹ̀: omi á lọ sókè, ìyẹ̀fun èso á lọ sísàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, kí "Ẹ gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó mu" sì wà lára lébẹ́ẹ̀lì.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ múra sí ìbéèrè mẹ́rin tí kò ní ṣàì wá

*Ṣé ẹ ti ní nọ́ńbà NAFDAC?* Bí ẹ bá ní in, ẹ fi hàn lára lébẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ kò bá tíì ní in, ẹ sọ ibi tí ẹ bá a dé àti ohun tó kù, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ sínú iye tí ẹ ń béèrè. Oje inú ìgò tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á ṣe é tó bá yá ti sọ fún olówó pé wọ́n lè wá kó ọjà òun nígbàkigbà.

*Bí iná bá lọ ńkọ́?* Ìbéèrè yìí kan fíríìjì tí ẹ fẹ́ rà gan-an. Fíríìjì onígíláàsì ń fi ọjà hàn, ó sì dà bí pátákó ìpolówó, ṣùgbọ́n òtútù rẹ̀ kì í pẹ́ jáde bí iná bá lọ. Físà aláàpótí tó ń ṣí láti òkè kì í fi nǹkan hàn, àmọ́ ó máa ń di òtútù mú fún wákàtí púpọ̀, pàápàá bí àpò yìnyín bá wà nínú rẹ̀. Tèmi ni pé kí ẹ gbé onígíláàsì síbi tí ṣọ́ọ̀bù ti ní sólà tàbí ínfátà, kí ẹ kun físà aláàpótí ní àwọ̀ yín fún àwọn yòókù. Ẹ tún sọ pé ẹ máa gbé ohun ìwọn-òtútù tí kò wọ́n sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń kó ọjà máa kọ iye tó bá níbẹ̀ sílẹ̀. Ọlọ́jà náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun ò ní kó mínírà tàbí ẹja sínú rẹ̀. Ẹja o! Ó máa ń ṣẹlẹ̀.

*Bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó bá wọ́n ńkọ́?* Ẹ ti ṣe ìṣirò rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè. Bí èso inú ìgò kan bá kúrò ní ₦260 tó di ₦400, ìgò ti ń ná yín ní ₦840. Bí ẹ bá ṣì ń tà á ní ₦900, tí mẹ́rin sì ń padà, ₦24 ló kù lórí ìgò. Bí ẹ bá gbé e sí ₦1,050, ₦168 ni. Nítorí náà, ẹ sọ iye tí èso máa jẹ́ kí ẹ tó fi owó kún un. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ni pé ẹ máa fi omi díẹ̀ là á. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kò sí omi nínú rẹ̀ ni.

*Kí ló máa dá ẹlòmíràn dúró láti lo orúkọ yín?* Ìforúkọsílẹ̀ ní CAC nìkan kò dáàbò bo orúkọ tó wà lára ìgò. Àmì òwò lọ́tọ̀ ni, ọ́fíìsì tó ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ wà ní Àbújá lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òwò. Ìsọ̀rí 32 ni ti oje èso. Ọdún 7 ló kọ́kọ́ máa ń lò, ẹ ó sì lè sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún 14. Ẹ wádìí bóyá ẹlòmíràn ti gba orúkọ náà kí ẹ tó ná ₦700,000 sórí ìgò àti lébẹ́ẹ̀lì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Èyí tó burú jù ni kí ẹ sọ oje di oògùn. "Ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀" lè tà á ní mọ́tò, ṣùgbọ́n NAFDAC kò gbà kí oúnjẹ máa polówó ara rẹ̀ bí ohun tó ń wo àìsàn. Kò tiẹ̀ tọ̀nà fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó: ṣúgà èso fúnra rẹ̀ pọ̀ nínú oje rẹ̀. "A ò fi ṣúgà sí i" ni ọ̀rọ̀ tó tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ kọ ọ́ sára lébẹ́ẹ̀lì dípò "kò sí ṣúgà".

Òmíràn ni kí ẹ máa ka iye olùgbé Nàìjíríà, kí ẹ wá ní bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún bá ra tiyín. Olùdókòwò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá lẹ ní. Ẹ sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá náà.

Àwòrán orí pírójẹ́tọ̀ ńkọ́? Mẹ́ta ti tó: ìgò, ìṣirò ṣáájú àti lẹ́yìn, àti owó tí ẹ ń béèrè. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé lọ pẹ̀lú.

Bí ìjókòó náà kò bá rí bí a ṣe sọ ọ́

Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lẹ ń bá sọ̀rọ̀, ìgbà tí owó máa padà ni kí ẹ fi ṣáájú, torí owó ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ oṣù 31 kí wọ́n tó gbọ́ 20.

Bó bá jẹ́ ọmọ ìlú kan ṣoṣo ní pálọ̀ rẹ̀, ẹ má dìde sọ̀rọ̀ bíi ti orí pèpéle. Ẹ gbé ìgò fún un, ẹ dáhùn ohun tó bá béèrè, kí ẹ rí i pé apá kẹta àti ìkarùn-ún jáde kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹni tó wà lókè òkun, orí fóònù ni. Oje tútù kò lè bá a níbẹ̀. Ẹ bèèrè ẹbí rẹ̀ kan tó wà l'Adó, kí ẹ gbé ìgò lọ fún onítọ̀hún ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí ó sì wà lórí ìpè pẹ̀lú yín.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mú lọ

- Ìwé ìgò tó jáde àti èyí tó padà, ó kéré tán oṣù mẹ́ta
- Ìṣirò ìgò kan lórí ojú ìwé kan
- Ìwé CAC, àti nọ́ńbà NAFDAC tàbí ìwé tó fi ibi tí ẹ bá a dé hàn
- Iye tí wọ́n ń ta fíríìjì, látọwọ́ ọlọ́jà méjì ó kéré tán
- Kúlà, yìnyín, ìgò, aṣọ ìnuwọ́
- Bírò àti ìwé láti kọ ìbéèrè tí ẹ kò lè dáhùn sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó bi í àti ọjọ́ tí ẹ ṣèlérí láti mú èsì wá fún un